Bí A Ṣe Ń Wá Páńgíràmù Nínú Afárá Oyin Onílẹ́tà Méje

Alábàágbé mi ni ó kọ́kọ́ fi eré náà hàn mí lórí fóònù rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń retí kí wọ́n dá iná padà. Ó ti rí ọ̀rọ̀ tó lé ní ogún, ó ku ẹyọ kan tí ó ti ń wá kiri láti àárọ̀. “Páńgíràmù ló kù o,” ó ní. “Gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi lẹ́tà àárín yìí bẹ̀rẹ̀ ni mo ti rò tán, n ò rí i.” Mo bá a wá a títí fóònù fi kú mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí ìdáhùn jáde lọ́jọ́ kejì, ọ̀rọ̀ tí àwa méjèèjì máa ń kọ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá wa ni. Ojú tì mí díẹ̀. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ni a wà, ọ̀rọ̀ sì ni iṣẹ́ wa.

Mo ti ń ta eré yìí déédéé láti ìgbà náà, mo sì ti mọ ibi tí a ti ṣìnà. Lẹ́tà àárín ni a tẹjú mọ́, nígbà tí ohun tí à ń wá kò sí lábẹ́ rẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyẹn, nítorí pé ohun tí a kọ́ nínú kíláàsì mọfọ́lọ́jì gan-an ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn eré náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ òfin rẹ̀ fún ẹni tí kò bá tíì ta á rí. Spelling Bee ni orúkọ eré náà, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn New York Times ní Amẹ́ríkà ni ó ni ín. Ọdún 2014 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé wọn, nígbà tó di 2018 wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbé tuntun jáde. Lẹ́tà méje ni ẹ ó rí, tí wọ́n tò bí ojú ihò afárá oyin: mẹ́fà yí ọ̀kan ká, èyí tó wà láàárín sì ní àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó máa fi wọ́n kọ. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́rin, lẹ́tà àárín gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ sì lè lo lẹ́tà kan ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà mẹ́rin ní máàkì kan. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ní máàkì kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Páńgíràmù ni ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà méjèèje wà nínú rẹ̀ láìku ọ̀kan, máàkì méje sì ni wọ́n ń fi ṣe èènì fún un. Ó kéré tán, páńgíràmù kan wà nínú eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo bí lẹ́tà àárín ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ kọ lẹ́tà méje yìí sílẹ̀, èmi ni mo tò ó fún ẹ̀kọ́ yìí:

A B E L M N T

Ẹ gbà pé T ni ó wà láàárín. Ẹ lè kọ tenable, nítorí T wà níbẹ̀. Ẹ ò lè kọ amenable, nítorí kò ní T. Ẹ jẹ́ kí a wá gbé M sí àárín dípò T. Amenable wọlé, tenable jáde. Bí lẹ́tà àárín bá ti yí padà báyìí, àkójọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà á yí padà, máàkì á yí padà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n páńgíràmù ńkọ́? Lẹ́tà méjèèje ni páńgíràmù ní. Ẹni tó bá ti ní méjèèje ti ní èyí tó wà láàárín, yálà T ni o, M ni o, tàbí B. Bí ẹ bá gbé lẹ́tà méjèèje yìí jókòó sí àárín lọ́kọ̀ọ̀kan, páńgíràmù kan náà ni ẹ ó máa rí.

Ìyẹn ni pé òfin tó le jù nínú eré yìí kò kan páńgíràmù. Bí ẹ bá ń wá a, ẹ pa àwọ̀ ìyeyè yẹn rẹ́ lọ́kàn yín. Èmi máa ń kọ lẹ́tà méjèèje sórí ìwé lórí ìlà kan, bí mo ṣe kọ ọ́ sókè yìí, kí ojú mi má baà máa sáré padà sí àárín afárá. Bọ́tìnnì kan wà lórí eré náà tó máa ń da àwọn lẹ́tà mẹ́fà ẹ̀gbẹ́ rú kí ojú lè rí wọn lọ́tun, ṣùgbọ́n ti àárín kì í kúrò ní àyè rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn ìwé àti bírò jù ú lọ.

Bí a bá ti gbé àárín tì, kí ni a ó wá dì mú? Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti wọlé, ibẹ̀ náà sì ni èdè abínibí wa ti ń dẹ pàkúté fún wa. Nínú Yorùbá, iwájú ọ̀rọ̀ ni a ti máa ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn. A mú kọ̀wé, a fi àfòmọ́ sí iwájú rẹ̀, ó di akọ̀wé, ó di ìkọ̀wé, ó di òǹkọ̀wé. Bí a bá tilẹ̀ ṣe àpètúnpè, kọ á di kíkọ, iwájú náà ni àfikún ń gbà wọlé. Àfòmọ́ ẹ̀yìn kò sí nínú èdè wa bí ó ṣe wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí ọmọ Yorùbá bá ń wá ọ̀rọ̀, “lẹ́tà wo ni ó bẹ̀rẹ̀?” ni ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ohun tí alábàágbé mi ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ ń kó ẹrù sẹ́yìn ọ̀rọ̀: -ing, -ed, -ly, -ment, -able, -tion, -ity. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn láàárín lẹ́tà méje yín, ẹ ti rí méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì ti mọ àyè tí wọ́n máa jókòó sí.

Ẹ padà sí A B E L M N T. Ẹ wá àfòmọ́ ẹ̀yìn nínú rẹ̀ kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ kankan. -able wà níbẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé. Ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ó ku M, N àti T. Àwọn mẹ́ta yìí ni gbèsè tí ara ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ san. A kò gbọdọ̀ fi ọ̀kankan sílẹ̀ nínú wọn. Fáwẹ̀lì kò sí nínú wọn, wọn kò sì lè dá dúró, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé a lè lo lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. A àti E tí ó ti wà nínú -able ṣì wà fún wa láti lò, bẹ́ẹ̀ náà ni L àti B. Ohun mìíràn tún wà tí kíláàsì kọ́ wa: -able yìí, ọ̀rọ̀ ìṣe ni ó máa ń sábà lẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè wa ti kéré. Ọ̀rọ̀ ìṣe Gẹ̀ẹ́sì wo ni ó ní M, N àti T, tí lẹ́tà yòókù rẹ̀ kò ju A, B, E àti L lọ?

Èmi fi M ṣáájú, n kò rí nǹkan gidi. Mo wá wo ibi tí N àti T lè wà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, N àti T fẹ́ràn láti so pọ̀ ní ìparí sílébù: -ant, -ent. Mo kọ -ent, mo fi M sí iwájú rẹ̀, ó di -ment. Mo tún wá ohun tó lè ṣáájú -ment yìí nínú A, B, E àti L, ni lament bá jáde, kí ènìyàn máa dárò. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ -able: lamentable. Ẹ fi ìka kà á: L wà, A wà, M wà, E wà, N wà, T wà, B wà. Méje ló pé. Lẹ́tà mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ náà gùn, nítorí náà máàkì mẹ́wàá ni, pẹ̀lú èènì méje, ó di 17.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo fífi ìka kà yẹn. Kí n tó dé lamentable, amenable ti kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo sì ti ń yọ̀. Ó gùn, ó ní -able, ó ní M, ó ní N. T ni kò sí. Tenable náà tàn mí jẹ, M ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó gùn tó sì fi lẹ́tà mẹ́fà nínú méje ṣe ẹwà ni ọ̀tá wa jùlọ nínú eré yìí, nítorí ó máa ń mú ọkàn ẹni dúró síbi tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n ó wúlò bí a bá bi í ní ìbéèrè kan: èwo ni kò sí? Bí ó bá jẹ́ T ni kò sí nínú amenable, ó ti tó àkókò láti gba ọ̀dọ̀ T bẹ̀rẹ̀ ìwákiri mìíràn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé bí mo ṣe ń wá lament ni mo kọ -ment sílẹ̀. Àfòmọ́ ẹ̀yìn ni òun náà. Ẹ jẹ́ kí a wá fi òun ṣe ìparí ọ̀rọ̀ dípò -able. A yọ M, E, N àti T, ó ku A, B àti L. Àwọn mẹ́ta yìí ni gbèsè báyìí, wọ́n sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí fáwẹ̀lì kan wà nínú wọn. Èwo ni ó ní A, B àti L? Able fúnra rẹ̀ ní wọn. Ablement kò sí, ṣùgbọ́n bí a bá fi àfòmọ́ iwájú en- sí i, enable dé, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe. Enablement: méjèèje pé. Table náà ní A, B àti L, àmọ́ tablement kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀. Battle ńkọ́? Battlement. Òun ni òkè ògiri ilé odi ayé àtijọ́ tó ní eyín-eyín, tí àwọn ọmọ ogun máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti ta ọfà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtàn ọ̀rọ̀ á sọ pé kì í ṣe battle tí a mọ̀ sí ìjà ni wọ́n so -ment mọ́, pé láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n eré yìí kò bi wá léèrè orírun. Ohun tó bá ti dà bí ara ọ̀rọ̀ àti àfòmọ́ lójú ẹni tó ń wá a ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Bí a bá yọ -ent nìkan, láìmú M mọ́ ọn, ó ku A, B, L àti M. Ẹ gbìyànjú láti ronú lórí lẹ́tà méje lẹ́ẹ̀kan: ọ̀nà tí a lè gbà tò wọ́n láìtún ọ̀kankan lò jẹ́ 5040. Lẹ́tà mẹ́rin péré, ọ̀nà 24 ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣeé pè. Nínú 24 yẹn, ọ̀rọ̀ méjì fò sókè lójú mi: balm, òróró ìkunra, àti lamb, ọmọ àgùntàn. Balment kò sí. Lambent wà. Ọmọ àgùntàn kọ́ ni ó túmọ̀ sí o. Iná tàbí ìmọ́lẹ̀ tó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí nǹkan ni, inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí kí á máa lá nǹkan ni ó ti wá. Lẹ́tà méje, kò tún ọ̀kankan lò. Àwọn tó ń ta eré yìí ní orúkọ àpọ́nlé fún irú rẹ̀, páńgíràmù pípé ni wọ́n ń pè é. Máàkì rẹ̀ kò ju 14 lọ, ó kéré sí ti lamentable, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń dùn mọ́ ènìyàn jù.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àfòmọ́ ẹ̀yìn máa hàn gbangba báyìí. Bí I, N àti G bá wà papọ̀, ẹ má ṣe ronú jìnnà. Ẹ wo C, G, I, K, L, N, O. Ẹ yọ -ing, ó ku C, K, L, O. Lock ni, locking sì dé. Ẹ tún C lò lẹ́ẹ̀kan sí i, clocking náà dé. S ni ẹ má ṣe retí, nítorí wọn kì í fi í sínú lẹ́tà méje náà. Bí S bá wà, gbogbo ọ̀rọ̀ orúkọ á kàn máa di ọ̀pọ̀, eré á sì di yẹpẹrẹ.

Èyí tó máa ń fojú ẹni rí màbo ni ibi tí àfòmọ́ kankan kò ti sí. Ẹ wo A, B, C, D, K, R, Y. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, A, pẹ̀lú Y tó ń ṣe bí fáwẹ̀lì nígbà mìíràn. Ọmọ Yorùbá tó rí irú èyí á fẹ́ sá, nítorí èdè wa kì í to kọ́ńsónáǹtì jọ láìsí fáwẹ̀lì láàárín wọn. Gẹ̀ẹ́sì ń tò wọ́n, ṣùgbọ́n kò ṣàdédé ń tò wọ́n. C àti K máa ń dúró papọ̀ ní ìparí sílébù, bí ó ti wà nínú back. R àti D náà lè dúró papọ̀ ní ìparí, bí ó ti wà nínú yard. Ìparí méjì nìyẹn. Níbi tí ìparí méjì bá ti wà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ méjì wà tí wọ́n so pọ̀. Backyard. Ọ̀rọ̀ alákànpọ̀ ni, bí ilé-ìwé tiwa. Bí lẹ́tà yín kò bá ní àfòmọ́ ẹ̀yìn kankan, tí kọ́ńsónáǹtì sì pọ̀ jù, ẹ wá ọ̀rọ̀ kékeré méjì dípò ńlá kan.

Eré náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí ẹ ṣe àṣìṣe, bí ẹ bá ń ka ohun tó ń kọ lójú fóònù. Bí ọ̀rọ̀ yín kò bá ní lẹ́tà ìyeyè, á kọ Missing center letter. Ẹni tó bá rí èyí nígbà tí ó rò pé páńgíràmù ni òun tẹ̀ ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun kò ka lẹ́tà dáadáa, nítorí páńgíràmù kò lè ṣaláìní lẹ́tà àárín. Bí ó bá gba ọ̀rọ̀ náà, tí ó sì fún yín ní máàkì láìkọ Pangram, irú amenable ni ẹ mú wá: ó jẹ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ku lẹ́tà kan. Èyí tó ń bínú ènìyàn jù ni Not in word list. Kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Olóòtú ni ó ń yan àwọn ọ̀rọ̀ tí eré ọjọ́ kọ̀ọ̀kan máa gbà, ó sì máa ń yọ orúkọ ènìyàn àti ti ìlú, ọ̀rọ̀ èébú, àti èyí tó bá rò pé kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba battlement kí wọ́n sì kọ enablement. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí ẹ gbà kò burú. Ẹ di àfòmọ́ kan náà mú, kí ẹ pààrọ̀ ara ọ̀rọ̀.

Alábàágbé mi ṣì ń bẹ̀rẹ̀ láti lẹ́tà àárín. Ó ní bí òun bá fi í sílẹ̀, òun ò ní rí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yòókù, òótọ́ ni. Fún àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, lẹ́tà àárín ni ọba, ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo máàkì ni ènìyàn sì nílò kí eré náà tó kọ Genius fún un, páńgíràmù nìkan kò lè gbé e débẹ̀. Nítorí náà, èmi máa ń pín in sí méjì: mo ń kọ lẹ́tà sórí ìwé, mo ń wá páńgíràmù láìbìkítà fún àárín, lẹ́yìn náà ni mo tó padà sójú fóònù láti máa ṣa àwọn kéékèèké.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kí a tó tún pàdé ní kíláàsì, lẹ́tà méje rèé: A, C, E, I, P, T, V. Páńgíràmù méjì ni mo mọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀kan jẹ́ pípé, èkejì sì gùn ún ní lẹ́tà méjì. Activate kò sí lára wọn. Ẹ kà á dáadáa, ẹ ó rí lẹ́tà tí kò sí níbẹ̀. N kò sọ èyí tó wà láàárín fún yín, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀.